Gíréèdì kì í sọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe bàjẹ́ tó

"Síkáànù sọ pé ọ̀rá wà lẹ́dọ̀ mi, gíréèdì 2. Ṣé ìdajì ẹ̀dọ̀ mi ló ti bàjẹ́ ni?"

Rárá o. Ojú ni wọ́n fi ń wo gíréèdì yẹn. Wọ́n á gbé ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ọ̀tún sínú àwòrán kan náà. Bí ẹ̀dọ̀ bá funfun ju kíndìnrín lọ, àmọ́ tí etí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ṣì hàn ketekete, 1 nìyẹn. Bí etí iṣan bá ti ń ṣú, ó di 2. Bí apá ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀ tó jìn ò bá hàn mọ́, ó di 3.

Ìyẹn bí kíndìnrín yín bá dá ṣáṣá o. Kíndìnrín tó ń ṣàìsàn lè funfun fúnra rẹ̀, ìfiwéra náà á sì ṣini lọ́nà. Ẹni méjì tó ń ka àwòrán kan náà sì lè fún un ní gíréèdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àpá inú ẹ̀dọ̀ ló yẹ kí ẹ wádìí, gíréèdì ò sì lè fi ìyẹn hàn. Ẹ mú èsì ẹ̀jẹ̀ yín, kí ẹ wo AST àti ALT, ìyẹn èròjà tó ń jáde látinú ẹ̀dọ̀, àti PLT, ìyẹn iye sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ wá ṣírò FIB-4, nọ́ńbà tó ń sọ bóyá àpá lè wà níbẹ̀:

```
FIB-4 = (ọjọ́ orí × AST) ÷ (PLT × √ALT)
```

Ká ní ẹ jẹ́ ẹni ọdún 48, AST 40, ALT 64, PLT 240 (×10⁹/L). 48 × 40 jẹ́ 1920. √64 jẹ́ 8, 240 × 8 náà sì jẹ́ 1920. Èsì rẹ̀ jẹ́ 1.0.

Bí kò bá tó 1.3, ó ṣọ̀wọ́n kí àpá tó le wà níbẹ̀. Wọ́n á kàn tún un ṣe lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní kí dókítà kọ síkáànù tó ń wọn líle ẹ̀dọ̀ fún yín. Fún ẹni tó ti lé ní 65, 2.0 ni wọ́n ń lò dípò 1.3.