Píksẹ́lì Inú Ojú Ni Kí Ẹ Kà, Kì Í Ṣe Ti Gbogbo Fọ́tò

*"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Bánà ìsìnkú bàbá mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 ní ìbú àti 4 ní gíga, ẹnu géètì la sì fẹ́ gbé e kọ́ sí. Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù nìkan ni mo ní. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ di 300, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ojú bàbá ń ṣe bàìbàì. Iye wo ló yẹ kí n lò, báwo ni kí n sì ṣe gé àwòrán náà?"*

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o. Ṣómólú ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ bánà, ti ìsìnkú ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí mo ń ṣe, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti fi owó àti ìtìjú kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ 300 yẹn kúrò lọ́nà. Iye píksẹ́lì nínú ìǹṣì kan ni, píksẹ́lì sì ni àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Nígbà tí ẹ kọ 300 sínú Image Size nínú Photoshop, tí àmì sì wà níwájú Resample, ńṣe ni kọ̀ǹpútà wo píksẹ́lì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó sì fi àwọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì dí àlàfo tí ẹ ní kó dí. Kò rí ìpéǹpéjú bàbá rí, kò sì lè fi kún un. Bí ẹ bá yọ àmì kúrò níwájú Resample, tí ẹ wá kọ ìbú tí àwòrán náà yóò ní lórí bánà sí i, iye píksẹ́lì tó máa wà nínú ìǹṣì kan ní tòótọ́ ni yóò hàn sí yín, nọ́ńbà náà sì máa ń kéré débi pé yóò ba ẹni tí kò rí i rí lẹ́rù. Ní ti 720 tàbí 1440 tí àwọn tó ń tẹ fléésì máa ń dárúkọ, ẹ̀kán yíǹkì ni ẹ̀rọ wọn ń kà, kò kan píksẹ́lì inú fọ́tò yín.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni iye píksẹ́lì tó wà láti àgbọ̀n títí dé òkè iwájú orí. Fọ́tò lè tóbi kí ojú inú rẹ̀ má tóbi. Mo gba iṣẹ́ bánà ìyá àgbà kan nígbà kan, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4 bí i tiyín. Fọ́tò ìsọmọlórúkọ ni wọ́n fún mi, ènìyàn méjìlá ló dúró níbẹ̀, àwòrán náà sì ní píksẹ́lì 1600 ní ìbú. Mo rí 1600 yẹn, ọkàn mi balẹ̀. Mo gé orí màmá jáde, mo sì fẹ̀ ẹ́ títí ojú wọn fi ga tó ìǹṣì 26. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ tán ni mo tó padà lọ kà á: píksẹ́lì 110 péré ló wà nínú ojú màmá. Ẹ pín 110 sí ọ̀nà 26, ó lé díẹ̀ ní píksẹ́lì 4 nínú ìǹṣì kan, èyí tó túmọ̀ sí pé píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan tóbi tó ẹyọ ẹ̀wà kan lórí fléésì. Àkọ́bí wọn dúró síwájú bánà náà, ó wò ó pẹ́, ó sì ní òun kò rí ojú ìyá òun níbẹ̀. Owó mi ni mo fi tún un tẹ̀.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ iye tó tó? Ibi tí ẹni tó ń wò ó máa dúró sí ló ń sọ ọ́. Ojú ènìyàn tó ríran dáadáa kì í lè ya nǹkan kéékèèké méjì sọ́tọ̀ tí wọ́n bá ti sún mọ́ ara wọn kọjá ìwọ̀n kan, bí a bá sì ṣe jìnnà sí i tó ni ìwọ̀n náà ṣe ń fẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi iye ìǹṣì tó wà láàárín olùwòran àti bánà pín 3400.

```
3400 ÷ 72  = 47   (ẹsẹ̀ bàtà 6)
3400 ÷ 120 = 28   (ẹsẹ̀ bàtà 10)
3400 ÷ 240 = 14   (ẹsẹ̀ bàtà 20)
```

Fún bánà ẹnu géètì, ẹsẹ̀ bàtà 10 ni èmi máa ń fi ṣe ìwọ̀n, mo sì máa ń sọ 28 di 30. Ṣùgbọ́n àwòrán tó mọ́ tónítóní ni ìṣirò yẹn wà fún. Wọ́sáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè fúyẹ́, kì í sì í sábà jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù kọjá 1600 bí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, nítorí náà mo máa ń fi ìdajì kún un fún irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé mo ń wá píksẹ́lì 45 nínú ìǹṣì kan.

Ẹ wá jẹ́ kí a gbé e wá sórí ti bàbá. Ká ní fọ́tò tó wà lọ́wọ́ yín ní 1200 ní ìbú àti 1600 ní gíga, tí bàbá dá dúró nínú rẹ̀ láti fìlà títí dé ìbàdí, ojú wọn lè tó píksẹ́lì 400. Ẹ pín 400 sí ọ̀nà 45, kò tó ìǹṣì 9. Ẹ pín in sí ọ̀nà 30, ó lé díẹ̀ ní 13. Àárín 9 sí 13 ni kí gíga ojú bàbá wà, kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ojú ìǹṣì 9 kéré lórí bánà tó ga ní ìǹṣì 48. Ibí yìí gan-an ni gígé àwòrán ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀pọ̀ wa ló sì máa ń ṣe é ní òdì.

Bí a bá rí i pé àwòrán kéré, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni láti gé aṣọ àti èjìká kúrò kí ojú nìkan lè gba gbogbo àyè. Gígé kò fi píksẹ́lì kan kún ojú. Fífẹ̀ tí a máa ń fẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí a gé e tán ló ń tú u. Bí ẹ bá gé fọ́tò yẹn sí ọrùn, tí ẹ sì fẹ̀ ẹ́ títí orí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè àti ìsàlẹ̀ bánà, ojú á ga tó ìǹṣì 30, píksẹ́lì 13 ni yóò sì kù fún ìǹṣì kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi agbádá àti fìlà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, tí ẹ lo 45, odindi fọ́tò náà á ga tó ìǹṣì 35, á sì fẹ̀ tó 26. Ara bàbá ti gba ọ̀pọ̀ nínú gíga bánà náà, ojú wọn sì ṣì mọ́. Aṣọ máa ń fara da ohun tí ojú kò lè fara dà: bí ìṣẹ́po agbádá bá ṣe bàìbàì díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ló mọ bí ojú bàbá rẹ̀ ṣe rí. Torí náà, èjìká, àyà àti fìlà ni kí ẹ fi kún àyè, kí ẹ sì jẹ́ kí orúkọ àti àwọ̀ kan ṣoṣo tó rọlẹ̀ gba ìyókù.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ wá fọ́tò tó dára ju èyí lọ. Ẹ bẹ ẹni tó fi í ránṣẹ́ pé kó tún un fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document, torí bẹ́ẹ̀ Wọ́sáàpù kò ní fún un pọ̀. Bí ó bá jẹ́ àwòrán inú férémù ni, ẹ yọ ọ́ kúrò lábẹ́ gíláàsì, ẹ gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ojúmọmọ níbi tí oòrùn kò ti kàn án tààrà, kí fóònù kọjú sí i gbọọrọ, kí fọ́tò náà sì kún ojú fóònù láìlo súùmù.

Ní ti màmá yẹn, ọmọ wọn obìnrin ló padà rí fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kan nínú ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn. Ojú inú rẹ̀ kò pé ìǹṣì kan ní gíga. Mo síkáànì rẹ̀ ní píksẹ́lì 600 nínú ìǹṣì kan, mo rí píksẹ́lì 575 nínú ojú. Mo tún ṣe é ní 1200, píksẹ́lì náà di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n kò sí irun ojú tuntun kankan tó hàn, hóró ara bébà nìkan ló pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka 575 gẹ́gẹ́ bí òótọ́. Mo pín in sí ọ̀nà 30, ó fún mi ní 19, mo sì fi ojú màmá sí ìǹṣì 18. Odindi fọ́tò kékeré yẹn ga tó ìǹṣì 33 lórí bánà kejì, ẹnikẹ́ni kò sì tún béèrè ojú màmá mọ́.

Ohun kan wà tó lè tàn yín jẹ. Nọ́ńbà lè tóbi kó sì jẹ́ pé ẹnìkan ti fẹ fọ́tò náà kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ sún mọ́ ojú títí ẹ fi ń rí píksẹ́lì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ibi tí ìpéǹpéjú ti pàdé ẹyinjú funfun. Bí àwọ̀ bá yí láti dúdú sí funfun láàárín píksẹ́lì méjì tàbí mẹ́ta, òótọ́ ni nọ́ńbà yín. Bí ó bá gbà tó mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, wọ́n ti fẹ̀ ẹ́, tàbí kí ó jẹ́ pé kámẹ́rà kò mú un ṣáká láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dín in kù sí ìdajì, kí ẹ tún un wò, kí ẹ sì fi iye tó kù ṣe ìṣirò.

Bí ẹ bá ti yan ìwọ̀n, ẹ kọ́kọ́ nu àwọn àmì onígun mẹ́rin kéékèèké tí fífún pọ̀ máa ń fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò kí ẹ tó fẹ àwòrán, torí bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ tán, àwọn náà á ti tóbi. Unsharp Mask, tó ń mú kí etí nǹkan hàn ketekete, ló gbẹ̀yìn, lórí ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ tẹ̀ gan-an, ẹ má sì lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìlà funfun bá ti ń yí etí àti fìlà ká, ó ti pọ̀ jù.

Kí ẹ tó gbé fáìlì lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ fléésì, ẹ gé ibi ojú àti imú jáde ní ìwọ̀n gidi, bí ìǹṣì 8 sí 11, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà A4 ní 100%, láìjẹ́ kí ẹ̀rọ dín in kù. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì níbi tí bánà máa wà, kí ẹ sì dúró sí ibi tí àlejò máa dúró. Ẹ pe ẹnìkan tó mọ bàbá dáadáa kó bá yín wò ó. Bí onítọ̀hún bá ní ojú náà ṣì ń ṣú, ẹ dín gíga ojú kù ní ìǹṣì 2, kí ẹ tún un tẹ̀ kí ẹ tún un wò, kí ẹ tó san owó fléésì.