Àlẹ́ẹ̀tì kọ́ ni èrè: bí ọkọ àti aya ṣe lè pín ìnáwó ilé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja dídì ni mò ń tà ní Sábó níbí ní Ìkòròdú, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ oṣù. Ó ń rí àlẹ́ẹ̀tì lórí fóònù mi, ó wá ní owó tèmi ti ju tòun lọ. Ó ní ká ṣí àkáǹtì kan ṣoṣo kí gbogbo owó wa máa wọ ibẹ̀, ká sì máa pín ìnáwó ilé dọ́gba-dọ́gba. Ẹ̀rù ń bà mí kí owó ọjà má lọ bá owó ọbẹ̀. Kí ni ká ṣe? (Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà o. Ilé tí ẹnì kan bá ti ń tajà, mi ò ní gbà wọ́n níyànjú láti da gbogbo owó pọ̀ sójú kan. Ìdí rẹ̀ ni pé owó yín àti owó bàbá ìbejì kì í ṣe irú kan náà. Owó oṣù tó wọ àkáǹtì tiwọn, owó tó ṣeé ná ni. Èyí tó ń wọ fóònù yín, ẹja ló ṣì jẹ́. Bí oníbàárà bá ra páálí kọ́tẹ́ kan tó sì fi owó ránṣẹ́, odidi owó páálí ni àlẹ́ẹ̀tì máa gbé jáde, bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń padà lọ sí kóòdù-rúùmù lọ́la. Ẹni tí kò tajà rí kì í mọ̀. Mi ò dá ọkọ yín lẹ́bi, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ.

Tọkọtaya kan láti Ìgbógbó gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ọ́fíìsì mi lọ́dún tó kọjá. Ẹja dídì náà ni obìnrin yẹn ń tà. Ó mú ìwé tó ń kọ ọjà sí dání, etí ìwé náà ti rin fún omi ẹja, àmọ́ gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀. Nínú oṣù tí a kọ́kọ́ ṣí, ọjà ₦1,200,000 ló tà. Ọkọ rẹ̀ mí kanlẹ̀. ₦306,000 ni wọ́n ń san fún òun lóṣù.

Mo ní kó ṣe sùúrù, a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó kúrò. Owó ẹja nìkan kó ₦960,000 lọ. Iná firísà gba ₦40,000. Ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ₦180,000 lọ́dún, ìyẹn ₦15,000 lóṣù. Ọkọ̀ àti alábàárù gba ₦15,000 mìíràn. Ọ̀rá, yìnyín àti ẹja tó rà mọ́ ọn lọ́wọ́ jẹ́ ₦10,000. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ ₦160,000, òun sì ni owó oṣù ìyàwó. Ṣùgbọ́n oṣù kan ṣoṣo kò tó fi ṣèdájọ́ ọjà. Oṣù mẹ́fà la ṣí. Èyí tó dára jù lé ní ₦200,000, oṣù tí iná lọ lọ́jọ́ mẹ́ta tí ẹja bàjẹ́ kò tó ₦110,000. Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a pín in sí mẹ́fà, ó padà sí nǹkan bí ₦160,000 yẹn náà.

Ìṣirò iná yẹn ló mú wá pẹ́ jù. Ilé ni firísà méjèèjì wà, mítà kan náà ló ń lò pẹ̀lú fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, ₦60,000 ni wọ́n sì ń fi ra iná lóṣù. Ọkọ ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ owó ilé. Ìyàwó ní kò burú. Bí ẹ bá gbé e bẹ́ẹ̀, èrè ọjà á pọ̀ lójú ìwé, ìnáwó ilé náà á wú. Mo ní kí wọ́n lọ yan òru kan tí iná kò lọ, kí wọ́n pa ohun gbogbo àfi firísà, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ojú mítà sílẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí wọ́n tún kọ ọ́ ní aago márùn-ún ìdájí. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni firísà jẹ ní wákàtí méje. Wọ́n ṣe é ní òru mẹ́ta. A wá ṣírò rẹ̀ dé ọgbọ́n ọjọ́, a sì rí i pé iná ₦40,000 ni firísà ń jẹ, ₦20,000 ni ti ilé. Bí firísà yín bá wà nílé, ẹ má fo èyí o.

Bí a ṣe yọ ìnáwó iṣẹ́ kúrò nínú ti ìyàwó, a gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú ti ọkọ náà. Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń lọ ní ọjọ́ 22 lóṣù. Ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò bó bá tètè jí, bọ́ọ̀sì bó bá pẹ́. A fi í sí ₦3,000 lójúmọ́, ó di ₦66,000. Owó rẹ̀ di ₦240,000. Ó fẹ́ kí n yọ oúnjẹ ọ̀sán náà, mo kọ̀, torí ìyàwó rẹ̀ náà ń jẹun ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó wá ku ìnáwó ilé. Ilé tí wọ́n ń gbé jẹ́ ₦480,000 lọ́dún, ìyẹn ₦40,000 lóṣù. Owó ilé-ìwé ọmọ méjì, ₦75,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sáà kan, sáà mẹ́ta lọ́dún, ó jẹ́ ₦37,500 lóṣù. Oúnjẹ ₦110,000, iná ilé ₦20,000, gáàsì ₦12,500, omi àti ilẹ̀ dídà ₦5,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦225,000.

Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, ₦112,500 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọkọ á ní ₦127,500 lọ́wọ́, ìyàwó á ní ₦47,500. Ní oṣù tí ọjà kò tà, tí èrè kò tó ₦110,000, inú owó ẹja ló ti máa mú un wá. Bí owó ọjà ṣe ń wọnú ọbẹ̀ nìyẹn: kì í lọ lẹ́ẹ̀kan náà, páálí kan lóṣù yìí, páálí kan lóṣù tó ń bọ̀, títí firísà á fi ṣófo.

Bí ẹ ṣe máa pín in ní ìwọ̀n owó kò le. Ẹ ro owó ẹ̀yin méjèèjì pọ̀. Ti tọkọtaya Ìgbógbó jẹ́ ₦400,000. Ẹ wá fi ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù pín owó ilé sí i:

```
225000 / 400000 = 0.5625
240000 x 0.5625 = 135000
160000 x 0.5625 = 90000
```

Ọkọ san ₦135,000, ó ku ₦105,000 fún un. Ìyàwó san ₦90,000, ó ku ₦70,000. Nínú náírà kọ̀ọ̀kan tó wọlé fún ọkọ, kọ́bọ̀ 56 àti díẹ̀ ló ń lọ sílé, ti ìyàwó náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí wọn, aṣọ ẹbí, àjọ, inú ohun tó ṣẹ́ kù ni kálukú ti ń yọ ọ́. Bí ìyá ọkọ bá wà nínú ilé tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà, owó ilé nìyẹn. Bí ilé kejì bá sì wà, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, torí á yí gbogbo rẹ̀ padà.

Bí ó bá jẹ́ pé mùsùlùmí ni yín, ẹ ti mọ̀ pé ẹ̀sìn gbé bùkátà ilé ka ọkọ lórí, owó ìyàwó sì jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí ẹ bá mú wá jẹ́ ìrànlọ́wọ́ tí ẹ fínnúfíndọ̀ ṣe. Àwọn kan máa ń torí èyí mú ìpín ìyàwó wálẹ̀ sí i. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ sọ ọ́.

Ó kan ọ̀rọ̀ àkáǹtì. Ẹ jẹ́ kí àkáǹtì ọjà yín wà fún ọjà, kí ti ọkọ wà fún ọkọ. Àkáǹtì alájùmọ̀ni dára fún owó ilé nìkan, èmi sì fara mọ́ kó jẹ́ méjì. Báǹkì máa béèrè BVN àti fọ́tò ẹ̀yin méjèèjì, wọ́n á sì bi yín bí owó á ṣe máa jáde: ṣé ẹnì kan lè dá fọwọ́ sí i ni, àbí ó di ẹ̀yin méjèèjì? Àwọn èèyàn máa ń sáré mààkì èyí tí òṣìṣẹ́ báǹkì bá nawọ́ sí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àkáǹtì ọbẹ̀, iná, gáàsì, omi àti ilẹ̀ dídà, ẹnì kan lè dá fọwọ́ sí i, torí ẹ kò lè máa dúró de ara yín kí ẹ tó ra gáàrì. Ti tọkọtaya Ìgbógbó ń gba ₦147,500 lóṣù. Èkejì ni ti owó ilé gbígbé àti ilé-ìwé, ₦77,500 lóṣù, ìbuwọ́lù méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà kí kọ́bọ̀ tó jáde níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ báǹkì, irú èyí kì í ní káàdì, ẹ sì lè máà rí i lò lórí fóònù. Ìnira yẹn gan-an ló ń ṣọ́ ọ.

Ẹ béèrè ohun kan sí i kí ẹ tó buwọ́ lùwé: bí ọ̀kan bá kú, ṣé ẹni tó kù lè gba owó náà? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Orúkọ tí èèyàn kọ sílẹ̀ ní báǹkì gẹ́gẹ́ bí ìbátan tó sún mọ́ ọn jù kò sọ onítọ̀hún di ajogún. Bí owó bá wà ní orúkọ olóògbé nìkan, báǹkì á tì í pa títí ìwé ilé-ẹjọ́ á fi dé, bẹ́ẹ̀ owó ilé-ìwé kì í dúró.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni ọdún àkọ́kọ́. Oṣù mẹ́rin ló kù kí tọkọtaya Ìgbógbó yẹn san owó ilé, wọn kò sì tíì ní kọ́bọ̀ nílẹ̀. ₦40,000 lóṣù kò lè dé ₦480,000 ní oṣù mẹ́rin. ₦120,000 ló ń fẹ́. ₦80,000 tó lé e lóṣù, a tún pín in ní mẹ́fà sí mẹ́rin: ọkọ fi ₦48,000 kún tirẹ̀, ìyàwó fi ₦32,000 kún un. Oṣù mẹ́rin yẹn há o, àjọ ìyàwó dúró, ọkọ kò lọ sí òde kankan. Oṣù karùn-ún ni wọ́n tó padà sí ₦135,000 àti ₦90,000. Gbogbo oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń gbé ìwé ọjà àti ìwé owó oṣù jáde láti tún un ṣe.

Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó lọ sí báǹkì kankan, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ìwé ọjà oṣù mẹ́fà síwájú bàbá ìbejì, kí àwọn fúnra wọn mú bírò, kí wọ́n máa yọ owó ẹja kúrò.