Ogójì ọjọ́ ìyá ọmọ: òfin ta ni?

Ìbéèrè: "Mùsùlùmí ni mí, inú ìdílé Sẹ̀lẹ́ ni mo sì fẹ́ ọkọ sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bí ọmọbìnrin. Ẹ̀jẹ̀ dá ní ọjọ́ 23, ó tún yọ láti ọjọ́ 29 fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì dá. Màmá ọkọ mi ní n kò gbọdọ̀ kírun, n kò sì gbọdọ̀ dé mọ́sálásí títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni òfin ṣe rí?"

Ìdáhùn: Rárá o, kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀sìn tiyín, ṣùgbọ́n màmá kò purọ́ nínú tiwọn. Ohun tí ó da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé ogójì ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó pàdé nínú ilé yín: ti ìjọ Sẹ̀lẹ́, èyí tí àwọn Mùsùlùmí máa ń dárúkọ, àti èyí tí àwa Yorùbá fi ń tọ́jú abiyamọ. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, wọn kì í sì í ṣe iṣẹ́ kan náà.

Èyí tí mo dárúkọ kẹ́yìn ni kí a kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà, nítorí òun ni ó máa ń yọ́ wọ inú àwọn méjì tó kù láìjẹ́ kí ènìyàn fura. Nígbà tí obìnrin bá bímọ nílùú wa, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ a wá bá a gbé. Omi a wà lórí iná láàárọ̀ àti lálẹ́, wọn a ri aṣọ ìnura sínú omi gbígbóná, wọn a fún un, wọn a sì fi tẹ ikùn ìyá ọmọ kí ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́ kù lè jáde. Ẹ̀kọ gbígbóná àti ọbẹ̀ tí ata wà nínú rẹ̀ dáadáa kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin náà kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde títí bí ogójì ọjọ́. Ìtọ́jú ara ni èyí, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú bóyá Ọlọ́run yóò gba àdúrà rẹ̀ tàbí kò ní gbà á. Ẹ wo àwọn ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, tí wọ́n ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ìgbà tí míṣọ́nnárì Bowen dé ibẹ̀ ní 1855. Wọn kò ní òfin kankan lórí nǹkan oṣù tàbí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ. Obìnrin tí ó ń ṣe nǹkan oṣù lè kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó sì lè jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá ọmọ nínú wọn ni kì í gbé ọmọ jòjòló wá sí ṣọ́ọ̀ṣì kí ogójì ọjọ́ tó pé, bí wọ́n bá sì wá, ọpẹ́ ni wọ́n wá dá. Ohun tí ń dá wọn dúró sílé, àṣà ni, kì í ṣe ẹ̀sìn.

Ti Sẹ̀lẹ́ yàtọ̀ pátápátá. Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí S. B. J. Oshoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947, mú òfin ìwẹ̀nùmọ́ inú Ìwé Léfítíkù gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí. Lójú wọn, ilẹ̀ mímọ́ ni ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ìdí kan náà tí wọn kì í fi í wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ funfun wọn. Nítorí náà, obìnrin tí ó ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ inú ọgbà yẹn rárá, kì í ṣe inú ilé ìsìn nìkan. Ọjọ́ méje ni ó máa ń kà, kódà bí ẹ̀jẹ̀ bá dá ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbàdúrà ìyàsímímọ́ fún un kí ó tó padà sáàárín ìjọ. Abiyamọ ní tirẹ̀ ń ka ogójì ọjọ́. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé kàlẹ́ńdà ni adájọ́ níbí, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí màmá bá rí i pé ara yín ti gbẹ, ìyẹn kò yí ohunkóhun padà lójú wọn, nítorí pé iye ọjọ́ kò tíì pé.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀, bí kò tilẹ̀ yẹ kí ẹ fi bá màmá jiyàn. Orí 12 nínú Léfítíkù ka ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 33 fún ìyá ọmọkùnrin, èyí tí ó jẹ́ 40. Ṣùgbọ́n fún ìyá ọmọbìnrin, ọjọ́ 14 àti ọjọ́ 66 ni ó kà, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 80. Ọmọbìnrin ni ẹ bí. Ogójì tí màmá ń kà fún yín, ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ìjọ ni. Kì í ṣe iye tí ẹsẹ Bíbélì náà sọ fún ẹni tí ó bí irú ọmọ tí ẹ bí. Àwọn Kristẹni tí kò gba òfin yìí mọ́ máa ń tọ́ka sí obìnrin inú Máàkù orí 5, tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀ fún ọdún 12, tí ó fọwọ́ kan aṣọ Jésù láàárín èrò, tí Jésù kò sì bá a wí. Àríyànjiyàn àárín àwọn Kristẹni fúnra wọn nìyẹn, kò kan yín.

Nílé àwọn onísìn ìbílẹ̀ pẹ̀lú, ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, a mọ̀ pé obìnrin tí ó ń ṣe nǹkan oṣù kì í sún mọ́ ọ̀pọ̀ ojúbọ, wọn kì í sì í jẹ́ kí ó fọwọ́ kan oògùn. Lójú tèmi, agbára tí wọ́n gbà pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, tí ó lè ba agbára mìíràn jẹ́, ni wọ́n ń ṣọ́ra fún ju ìdọ̀tí lọ, nítorí pé obìnrin tí kò ṣe nǹkan oṣù mọ́ lè dé ibi tí ọmọge kò gbọdọ̀ dé.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé tiyín. Nínú Ìsìláàmù, rírí ẹ̀jẹ̀ àti dídá rẹ̀ ni òfin so mọ́, kò so ó mọ́ ọjọ́ tí ó pé. Bí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ bá dá ní ọjọ́ kẹwàá, ọjọ́ kẹwàá náà ni ẹ ó wẹ ìwẹ̀ ọ̀ranyàn, ẹ ó sì kírun. Ogójì tí àwọn ènìyàn ń kà, òpin ni, kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ìyá àwọn onígbàgbọ́, Úmmù Sálámà, sọ pé ní ayé Ànábì àwọn obìnrin máa ń jókòó fún ogójì ọjọ́ lẹ́yìn ìbímọ, àwọn onímọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Hánáfì àti Hánbálì sì mú un gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ lè gùn dé. Ilé-ẹ̀kọ́ Málíkì, tí ọ̀pọ̀ ààfáà wa ní ilẹ̀ Yorùbá kà, fi ọjọ́ 60 ṣe òpin. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní kí obìnrin tí ara rẹ̀ ti mọ́ máa dúró kí iye kan pé. Ẹni tí ó dúró láìkírun nítorí kàlẹ́ńdà ti jẹ gbèsè ìrun, ó sì gbọdọ̀ san án.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti dá? Àmì méjì ni. Èkíní ni omi funfun tí ó máa ń jáde ní ìparí ẹ̀jẹ̀. Èkejì ni gbígbẹ, pé kí ẹ fi òwú tàbí aṣọ mímọ́ sí ojú ara, kí ó jáde láìní àwọ̀ pupa, yẹ́lò tàbí àwọ̀ bí erùpẹ̀ kankan. Ní ayé Àíṣà, àwọn obìnrin a máa fi òwú tí àwọ̀ yẹ́lò ṣì wà lára rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, a sì ní kí wọ́n má ṣe kánjú títí wọn yóò fi rí omi funfun náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán, ibẹ̀ ni ẹ ti ń ṣìṣe.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọjọ́ tiyín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 23, nígbà tí ẹ rí àmì, ìrun di ọ̀ranyàn lé yín lórí. Láti ìgbà náà títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ ní ọjọ́ 29, ẹni mímọ́ ni yín. Ìrun tí ẹ bá kí nínú rẹ̀ dára, ẹ kò sì ní tún un kí. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tún yọ ní ọjọ́ 29, ọjọ́ tí ara fi mọ́ láàárín kò tíì tó 15, nítorí náà, ní ọ̀nà Málíkì, ara ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ṣì ni. Ẹ ó dá ìrun dúró fún ọjọ́ mẹ́ta náà, ẹ ó sì tún wẹ̀ nígbà tí ó bá dá. Ọjọ́ tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nìkan ni a ń rò pọ̀, ìyẹn 23 àti 3, ó jẹ́ 26. Kò tíì súnmọ́ 60. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ara fi mọ́, nǹkan oṣù tuntun ni a ó kà á sí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì kọjá òpin 60, àìsàn ni: ẹ ó wẹ̀, ẹ ó máa ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì máa kírun, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ 60 kí ẹ tó lọ bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù, tí ó bá ń rùn, tàbí tí ibà bá wà.

Ọ̀pọ̀ kì í ka ìrun tí ó bọ́ sí àkókò tí ẹ̀jẹ̀ dá. Bí ó bá dá ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ bá wẹ̀ tán, tí àyè sì kù kí oòrùn tó wọ̀ láti kí ráká márùn-ún, Aílà àti Alásàrì ti di ọ̀ranyàn lé yín lórí pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mọ̀gàríbì àti Iṣái, bí àyè ráká mẹ́rin bá kù kí afẹ́mọ́júmọ́ tó yọ.

Ní ti mọ́sálásí, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń bẹ lára, obìnrin kì í jókòó nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ti wẹ̀, kò sí ìdènà mọ́. Àsàlátù ọjọ́ Àìkú tí wọ́n ń ṣe ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kì í ṣe mọ́sálásí, nítorí náà ẹ lè lọ kódà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ gbọ́ wàásù, kí ẹ sì ṣe àmín. Ànábì tilẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn tí ó ń ṣe nǹkan oṣù jáde lọ sí Yídì, kí wọ́n kàn yàgò fún ibi tí wọ́n ti ń kírun. Ọ̀rọ̀ pé ẹ jẹ́ "aláìmọ́" tí a kò gbọdọ̀ bá jẹun kò sí nínú Ìsìláàmù: nígbà tí Ànábì ní kí Àíṣà na ẹní sí òun láti inú mọ́sálásí, tí ó ní òun ń ṣe nǹkan oṣù, ó dá a lóhùn pé nǹkan oṣù rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì màmá ni ti wọn. Bí wọ́n bá pè yín síbẹ̀ kí ogójì ọjọ́ tó pé, ẹ fi sùúrù sọ pé ẹ kò ní wọlé, nítorí onílé ni ó ń ṣe òfin ilé. Ẹ lè sọ fún wọn pé ìrun yàrá yín kò ba ogójì wọn jẹ́, pé ẹ ó sì tún jẹ́ kí wọ́n máa fi omi gbígbóná tẹ ikùn yín títí yóò fi pé.

Ìrun tí ẹ kò kí nínú ọjọ́ 26 tí ẹ̀jẹ̀ wà, ẹ kò ní san án. Bí Ààwẹ̀ Rámádánì bá bọ́ sínú wọn, ẹ ó san ààwẹ̀ náà ní ọjọ́ mìíràn.