Rírán ọmọ ẹgbẹ́ létí owó oṣù láìdójú tì í

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Lọ́ńdọ̀nù. ₦5,000 là ń san lóṣù sínú àkáǹtì ẹgbẹ́ nílé. Ẹni mẹ́sàn-án ti jẹ owó sílẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa rán wọn létí lórí Wáásáàpù tí ojú ò fi ní ti ẹnikẹ́ni?"

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ má tíì kọ ohunkóhun ránṣẹ́ o. Ẹ kọ́kọ́ gba sitéténmẹ́ǹtì àkáǹtì náà, kí ẹ fi wé ìwé owó yín. Ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ afowóránṣẹ́ sanwó, lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ iléeṣẹ́ náà ló máa ń jáde nínú àlẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe tiẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo kọ̀wé sí màmá kan nínú ẹgbẹ́ wa pé owó oṣù mẹ́rin, ₦20,000, wà lọ́rùn wọn. Rìsíìtì mẹ́rin ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Nígbà tí mo fi déètì ara rìsíìtì wá a, owó wọn pé síbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní Sátidé, Mọ́ńdè ló wọlé, ìyẹn ni mi ò fi tètè dá a mọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n gidigidi. Ọpẹ́lọpẹ́ pé fóònù wọn nìkan ni mo kọ ọ́ sí! Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá sanwó ní láti fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí mi.

Lójú gbogbo ẹgbẹ́, iye tó wọlé àti ohun tí a fẹ́ fi ṣe nìkan ni kí ẹ kọ. Ẹ má kọ orúkọ àwọn tó ti san, ì báà ṣe láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Orúkọ tí kò sí níbẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa wá.

Ohun tí mo máa ń kọ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ nìyí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbowó iṣẹ́ ní ìparí oṣù:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mi ò tíì rí owó oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, ₦15,000, nínú ìwé mi. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti san án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi rìsíìtì ránṣẹ́. Bí kò bá sì tíì rọrùn, ẹ lè máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣeun."

Àwọn àgbà tó jù yín lọ dáadáa, ẹ má kọ̀wé sí wọn. Ẹ pè wọ́n, tàbí kí ẹ bẹ ẹnì kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn kó bá yín sọ ọ́.

Bí ẹnì kan bá ní iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, alága nìkan ni kí ẹ sọ fún, kí ẹ jọ fún un láàyè oṣù mélòó kan. Nínú ìwé owó, "a ti jọ sọ ọ́" ti tó. Ẹ má kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀, torí ọwọ́ akápò mìíràn ni ìwé yẹn ń lọ.