Ètò Ẹ̀rí Tó Ṣeé Gbẹ́kẹ̀lé àti Ètò Ẹ̀rí Tó Pé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti ń kàwé. Wọ́n ní ó yẹ kí ètò ẹ̀rí ṣeé gbẹ́kẹ̀lé, kó sì pé. Ẹnì kan ní ètò tó pé ni èyí tó lè mú ẹ̀rí wá fún ohun gbogbo. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Rárá o. Àlàyé yẹn máa ń bí mi nínú, torí pé ó ti tàn kálẹ̀ láàárín ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ètò tó bá lè mú ẹ̀rí wá fún ohun gbogbo á mú ẹ̀rí wá fún irọ́ pẹ̀lú. Kí la fẹ́ fi irú rẹ̀ ṣe?

Ètò ẹ̀rí ni àwọn ìpìlẹ̀ tí a gbà láìbéèrè ẹ̀rí, pẹ̀lú òfin tí a fi ń fa gbólóhùn mìíràn yọ nínú wọn. Àwọn gbólóhùn kan wà tó jẹ́ òótọ́ bó ti wù kí a pín òótọ́ àti irọ́ fún àwọn lẹ́tà tó dúró fún gbólóhùn kéékèèké inú wọn. Àwọn wọ̀nyí ni kí o tẹjú mọ́. Ètò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé bí gbogbo ohun tó mú ẹ̀rí rẹ̀ wá bá wà lára wọn. Ó pé bí kò bá sí ọ̀kankan lára wọn tí kò lè mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Wo asẹ́ tí wọ́n fi ń kù gàárì Ìjẹ̀bú: kí pàǹtírí má bá a kọjá, ọ̀tọ̀ nìyẹn, kí gàárì tó kúnná má ṣẹ́kù sókè, ọ̀tọ̀ nìyẹn náà.

Jẹ́ ká mú ètò kékeré kan. Àmì kan ṣoṣo ló ní, ìyẹn →; A→B ń sọ pé bí A bá jẹ́ òótọ́, B náà jẹ́ òótọ́. A→B já sí irọ́ nígbà tí A bá jẹ́ òótọ́ tí B sì jẹ́ irọ́ nìkan. Ìpìlẹ̀ méjì ló ní:

```
K: A→(B→A)
S: (A→(B→C))→((A→B)→(A→C))
```

Òfin rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: bí o bá ti ní A, tí o sì ní A→B, o lè kọ B sílẹ̀.

Pé ó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé kò le. Ṣe tábìlì K, kí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀nà kan tí a lè gbà pín òótọ́ àti irọ́ fún àwọn lẹ́tà rẹ̀; ìlà 4 ni. Ṣe ti S, ìlà 8 ni. Òótọ́ ni gbogbo ìlà wọn. Òfin yẹn náà kì í sọ òótọ́ di irọ́. Nítorí náà, bó ti wù kí ẹ̀rí gùn tó, irọ́ kò lè wọ inú rẹ̀.

Ṣé ó wá pé? Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Wo gbólóhùn tí Charles Peirce, onímọ̀ lọ́jíìkì ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1885:

```
((A→B)→A)→A
```

Ṣe tábìlì rẹ̀, wàá rí i pé òótọ́ ni ní ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Síbẹ̀, K àti S kò lè mú ẹ̀rí rẹ̀ wá láé. Báwo la ṣe mọ̀? Pé o wá ẹ̀rí tì kò tó, torí pé ẹ̀rí tó ṣeé kọ kò lópin. Bóyá èyí tó gùn ju gbogbo èyí tí o ti dán wò lọ ni o kò tíì dé. Ohun tí a nílò ni àbùdá kan tí gbogbo ohun tó ní ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ní, tí gbólóhùn Peirce kò sì ní.

Fi iye mẹ́ta rọ́pò òótọ́ àti irọ́: 0, ½ àti 1. Bí iye A kò bá ju ti B lọ, A→B jẹ́ 1. Bí ó bá jù ú lọ, A→B gba iye B. Dán K wò. Bí B kò bá ju A lọ, B→A jẹ́ 1, odindi rẹ̀ sì di 1. Bí B bá ju A lọ, B→A gba iye A, a wá ní A→A, 1 náà ni. S ní ìlà 27; 1 ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ṣe é fúnra rẹ, má gbà á lẹ́nu mi. Òfin wa náà kò já 1 sílẹ̀: bí A bá jẹ́ 1, tí A→B sì jẹ́ 1, B kò lè dín sí 1. Gbogbo ohun tí ètò yìí lè mú ẹ̀rí rẹ̀ wá, 1 ló gbọ́dọ̀ jẹ́ nígbà gbogbo.

Wàyí o, fún A ní ½, kí o fún B ní 0. A→B di 0. (A→B)→A di 1. Odindi gbólóhùn Peirce wá di 1→½, ìyẹn ½. Kì í ṣe 1, nítorí náà kò lẹ́rìí. Ètò náà ṣeé gbẹ́kẹ̀lé, kò sì pé.

Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń há ìtumọ̀ méjèèjì sórí láìṣe irú tábìlì yìí rí. Àwọn náà ló máa ń sọ pé Kurt Gödel, onímọ̀ lọ́jíìkì, ti fi hàn pé lọ́jíìkì kò pé. Ní 1929, òun gan-an ló fi hàn pé lọ́jíìkì tó ní “gbogbo” àti “ó kéré tán ọ̀kan” pé. Ìṣirò òǹkà ni ti 1931 dá lé: ètò ìṣirò tó lágbára tó láti gbé ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ òǹkà, tí kì í tako ara rẹ̀, tí ẹ̀rọ sì lè to àwọn ìpìlẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, máa ń ní gbólóhùn kan tí kò lè fi ẹ̀rí gbè, tí kò sì lè fi ẹ̀rí já.

Tí o bá fẹ́ kí ètò wa pé, fi gbólóhùn Peirce ṣe ìpìlẹ̀ kẹta. Tábìlì rẹ̀ ti fi hàn pé irọ́ kò ní tibẹ̀ wọlé. Láti ìgbà náà, gbogbo gbólóhùn tí → nìkan wà nínú rẹ̀, tó sì jẹ́ òótọ́ ní gbogbo ìlà, ló ní ẹ̀rí.