Ohun Tó Le Lára Gáùn Yín Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Kútẹ́ẹ̀sì kán sí iwájú gáùn ṣẹ́dà tí mo fẹ́ wọ lọ sí ìgbéyàwó ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Mo rẹ òwú sínú asitóònù, mo fi nù ún. Ibẹ̀ wá le bíi páálí, ó sì ń dán. Ẹni tó ta aṣọ náà fún mi l'Ọ́jà Ọba ní Adó ní asitóònù ló ṣẹ́ kù sára ẹ̀, pé kí n fi ọṣẹ àti fínígà fọ̀ ọ́, kí n wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́. Irú ọṣẹ wo ló dáa jù?

Ìdáhùn: Kò sí ọṣẹ kankan tó máa ṣe é. Ẹ má fi fínígà kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù gbígbóná súnmọ́ ọn. Gbogbo ìgbà tí ìnáwó bá pọ̀ nílùú là ń gbọ́ irú ìmọ̀ràn yìí, aṣọ tó sì ti bà jẹ́ tán pátápátá nítorí ẹ̀ kò kéré rárá.

Gáùn yín kì í ṣe ṣẹ́dà. Ṣẹ́dà tòótọ́, bíi òwú sányán tiwa, ara kòkòrò ló ti wá, asitóònù kì í sì í sọ ọ́ di páálí. Aṣọ tó ń dán bíi ṣẹ́dà, tó tutù lára, tó sì le lójú ẹsẹ̀ tí asitóònù kàn án, asitéètì ni, àfi bí ilé iṣẹ́ tó hun ún bá fi òwú mìíràn pọ̀ mọ́ ọn. Igi tí wọ́n lọ̀ kúnná, tàbí ìrun wẹ́wẹ́ ara kóró òwú, ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú ásíìdì tó jẹ́ ìbátan fínígà. Kì í ṣe ayédèrú aṣọ. Aṣọ gidi ni, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí kò gbọ́dọ̀ kàn án.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe òwú náà. Ní ilé iṣẹ́, inú asitóònù ni wọ́n ti ń yọ́ asitéètì títí á fi fà bí oyin. Wọ́n á wá fi agbára tì í gba inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ lára àwo irin. Bó bá ṣe ń jáde ni atẹ́gùn gbígbóná á máa fẹ́ asitóònù kúrò lára ẹ̀, ohun tó kù á sì di fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́. Asitóònù yẹn kan náà ló wà nínú ìgò tí ẹ fi ń yọ kútẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí ẹ fi kan gáùn, òwú ibẹ̀ yọ́, ó padà di oje tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Asitóònù fò lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, torí ìwọ̀n 56 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ló ti ń hó, nígbà tí omi ń dúró de 100. Oje náà wá gbẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ihò wẹ́wẹ́ tí á tún sọ ọ́ di fọ́nrán mọ́, ó kàn gbẹ pẹlẹbẹ bó ṣe wà, ó lẹ̀ mọ́ra wọn, ó sì ń dán.

Nítorí náà, asitóònù kò ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ó ti lọ tipẹ́. Gáùn fúnra ẹ̀ ló le yẹn. Àwọ̀ kútẹ́ẹ̀sì náà yọ́ pọ̀ mọ́ ọn, ló ṣe wọ inú ẹ̀ dípò kó kúrò. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, irú oje yìí gan-an ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Camille àti Henri Dreyfus, ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń fi kun aṣọ ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kó lè le, kó sì fà gbọnran. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n sọ ọ́ di òwú tí à ń wọ̀. Líle tí wọ́n ń wá fún ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ló wà níwájú gáùn yín báyìí, ọṣẹ kò sì lè tú u.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ẹ mú abẹ́rẹ́, kí ẹ fi ẹnu ẹ̀ gbé òwú kan sókè níbi tó le. Bí òwú kọ̀ọ̀kan bá ṣì ń gbéra, kútẹ́ẹ̀sì nìkan ló bo orí ẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá kàn ń ha á bíi pé ó ń ha ọ̀rá, òwú ti lẹ̀ mọ́ra wọn, kò sí àtúnṣe.

Ẹ wá wo ohun tí ìmọ̀ràn ọlọ́jà yẹn máa ṣe. Asitéètì kò lágbára púpọ̀ láti ilẹ̀, bó bá sì tutù, bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ẹ̀ ló ń lọ. Etí ibi líle yẹn ni aṣọ á ti ya bí ẹ bá bo ó tàbí bí ẹ bá fún un. Ásíìdì inú fínígà, tó bá lágbára, ń yọ́ asitéètì gẹ́gẹ́ bí asitóònù ṣe ń yọ́ ọ. Áyọ́ọ̀nù ńkọ́? Láti nǹkan bí ìwọ̀n 175 ni òwú yìí ti ń rọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ irin. Ibi tí a máa ń yí áyọ́ọ̀nù sí fún aṣọ òwú ń gbóná tó 200. Áyọ́ọ̀nù eléèédú kò tilẹ̀ ní ohun tí a fi ń mọ ìwọ̀n.

Ẹ lè dán an wò kó dá yín lójú. Ẹ gé ìwọ̀n èékánná kan lára etí tí télọ̀ fi pamọ́ sínú ojú rírán, ẹ fi sínú ṣíbí irin tàbí gíláàsì, kì í ṣe ike, torí asitóònù ń yọ́ irú ike mìíràn. Ẹ kán asitóònù márùn-ún tàbí mẹ́fà sí i, kí ẹ sì fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, níbi tí iná kò sí nítòsí, torí ó ń gbiná kíákíá. Asitéètì á di gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á máa fà. Ṣẹ́dà, òwú àti pólíẹ́sítà kò ní yí padà. Tíráyásitéètì, ẹ̀gbọ́n asitéètì tí ara ẹ̀ le sí ooru, á wú, á sì rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní yọ́ tán. Ìyẹn ò ní kí ẹ dà á sí i lára: wíwú náà tó láti sọ ojú aṣọ di jàgànjàgàn.

Ìyọkútẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ sára ìgò ẹ̀ pé kò ní asitóònù kò já mọ́ ààbò. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò ẹ̀ náà ń rọ òwú yìí. Kútẹ́ẹ̀sì fúnra ẹ̀ ní irú omi bẹ́ẹ̀ nínú, ìdí nìyẹn tó fi lè lẹ̀ mọ́ gáùn kí ẹ tó mú ohunkóhun dání.

Ibi tó bá ti le, télọ̀ ló kù, kì í ṣe alágbàfọ̀. A ò rí gáùn náà, nítorí náà a ò lè sọ iye tó máa ná yín, ṣùgbọ́n bí ó bá súnmọ́ ojú rírán, kó gbà á sínú. Bí ó bá wà ní àárín, kó gé e kúrò, kó fi léèsì tàbí iṣẹ́ ọ̀nà bo ojú ẹ̀, kó sì ṣe irú ẹ̀ sí ìhà kejì kó lè dọ́gba. Kí ó lọ aṣọ náà láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú aṣọ òwú tó mọ́ láàárín, kí áyọ́ọ̀nù wà ní àmì ẹlẹ́yọ kan níbi tí a fi ń yí ooru ẹ̀, tí kì í kọjá 110. Bí ó bá jẹ́ tíráyásitéètì, ẹlẹ́yọ méjì gbà á.

Bí kútẹ́ẹ̀sì bá tún kán sí irú aṣọ yìí, ẹ má nù ún. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ ìfọṣọ aláìlómi, kí ẹ sì kọ́kọ́ sọ fún un pé asitéètì ni, kó tó fi ohunkóhun kàn án.