Nọ́ńbà àkòrí tó dàrú nínú tíísìsì

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fi àkòrí kan kún orí kejì, gbogbo nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ti dàrú."

Àbúrò, ọwọ́ lo fi tẹ nọ́ńbà yẹn nínú Word, òun ló fà á. Kọ́kọ́ pa gbogbo 2.1, 2.2 yẹn rẹ́, tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ wàá rí i lẹ́ẹ̀mejì. Fi Heading 1 sí àkòrí orí kọ̀ọ̀kan, Heading 2 sí àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀, wá gbé kọ́sọ̀ sórí Heading 1 kan, lọ sí Multilevel List lábẹ́ Home, kó o mú èyí tí wọ́n kọ "1 Heading 1" sí. Látìgbà yẹn, tó o bá ki àkòrí tuntun sáàárín, 2.3 á di 2.4 fúnra ẹ̀. Ojú ìwé àkóónú ní tiẹ̀ ò ní yí padà bẹ́ẹ̀ o, kíliìkì sórí ẹ̀, tẹ F9, mú Update entire table, torí Update page numbers only ò ní gbé àkòrí tuntun wọlé.